Ìlúwẹ̀ẹ́ ní etíkun Èkó: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìgbì, omi afàni àti àárẹ̀

Ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń bi wá ṣáá ní etíkun, pàápàá nígbà ọdún àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìdáhùn wọn nìyí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le.

Mo mọ ìlúwẹ̀ẹ́ dáadáa nínú púùlù. Ṣé mo lè wọ òkun?

Omi tó dúró sójú kan ni púùlù fi kọ́ yín. Ògiri wà níwájú àti lẹ́yìn, ẹ lè dì í mú, ẹ lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹ sì ń rí ìsàlẹ̀. Òkun ò ní ògiri. Ìgbì á bò yín nímú lákòókò tí ẹ fẹ́ mí gan-an, iyọ̀ á ta yín lójú, nígbà tí ẹ bá sì fi máa gbójú sókè, ibi tí ẹ kó ẹrù yín sí lè ti jìnnà sí yín.

Ìdánwò tí mo máa ń fún èèyàn kì í ṣe ti eré. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ lè fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi tó jìn fún ìṣẹ́jú 10 láìdi nǹkan kan mú, kí ẹ sì máa mí bó ṣe yẹ. Ṣé ẹ lè yí padà láti àyà sí ẹ̀yìn láìgbé omi mì? Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí nínú púùlù kò tíì tó ẹni tó ń wọ òkun kọjá orúnkún, bó ti wù kó yára tó.

Mi ò fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, mo kàn fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ omi. Ṣé ìyẹn náà léwu?

Ó léwu. Etíkun wa kì í ṣe irú èyí tó ń jìn díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, iyanrìn dà gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀ wọ inú omi, nítorí náà ìgbì ńlá lè dé ẹnu bèbè gan-an kó tó wó, ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré ni gbogbo agbára rẹ̀ á sì wó lé. Omi tó wà ní orúnkún nísinsìnyí lè dé àyà kí ẹ tó ka ení dé àrún. Nígbà tó bá sì ń padà, á máa wọ́ iyanrìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹni tó bá ṣubú níbẹ̀ á bá omi náà yí lọ sábẹ́ ìgbì tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ má kẹ̀yìn sí òkun. Ọmọ tí kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ àgbàlagbà ti lè tó o, kì í ṣe ibi tí ojú ti lè rí i nìkan. Àgbàlagbà náà kò sì gbọdọ̀ máa tẹ fóònù.

Kí ni omi afàni?

Ìgbì tó ń wó ń kó omi wá sí bèbè láìdáwọ́ dúró, omi yẹn sì gbọ́dọ̀ padà sí agbami. Kì í padà lọ́gbọọgba ní gbogbo ibi. Àlàfo tó jìn díẹ̀ láàárín òkìtì iyanrìn méjì lábẹ́ omi ló máa ń wá, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ á sì gbà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bí èrò tó ń jáde ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Ìṣàn tóóró yẹn ni à ń pè ní omi afàni nínú àwọn ìdáhùn yìí. Ó lè fẹ̀ tó mítà 10, ó lè fẹ̀ tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára rẹ̀ á sì máa dínkù tó bá ti kọjá ibi tí ìgbì ti ń wó.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń rin ìdajì mítà sí mítà 1 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìgbì bá tóbi, ó lè dé mítà 2. Ìyára àwọn òmùwẹ̀ tó ń gba wúrà ní Òlíńpíìkì nìyẹn, wọn ò sì lè mú un pẹ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Wọ́n ní nǹkan kan wà nísàlẹ̀ tó ń fa èèyàn lẹ́sẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Omi afàni kì í fa èèyàn lọ sísàlẹ̀. Ojú omi ló ti ń gbé e lọ, ẹni tó bá sì lè léfòó á wà lókè títí ìṣàn náà á fi rọ̀. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n kọjú sí bèbè, wọ́n sì ń bá omi jà títí agbára fi tán. Fífà tí àwọn kan ń mọ̀ lẹ́sẹ̀ jẹ́ ti ẹnu bèbè, níbi tí omi tó ń padà ti ń sáré wálẹ̀ lórí gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀.

Èmi kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí Olókun. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù òkun tó sì ń bọlá fún un kì í wọ̀ ọ́ bó ṣe fẹ́, ìyẹn dára. Ohun tí mo kọ̀ ni kí èèyàn gbà pé kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́ ní kété tí omi bá ti gbé ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà tí a lè ṣe.

Báwo ni mo ṣe lè rí omi afàni láti orí iyanrìn?

Ẹ wá ibi tó ga, kí ẹ wo òkun lápapọ̀, ẹ má kàn wo iwájú yín nìkan. Ibi tí ìgbì ti ń wó máa ń funfun. Bí ẹ bá rí àyè kan láàárín funfun méjì tí ìgbì kì í ti í wó, tí omi rẹ̀ dúdú díẹ̀ tàbí tó pọ́n nítorí iyanrìn tó ń gbé lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Ẹ wò ó bóyá ìfófó, ewé tàbí ọ̀rá omi tó wà nínú rẹ̀ ń lọ sí agbami dípò kó máa bọ̀ wá sílẹ̀.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ibẹ̀ gan-an ló máa ń dà bíi pé ó rọ̀ jù lọ. Ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ á mú un kúrò níbi tí ìgbì ti ń pariwo, á sì mú un lọ síbi tó dákẹ́. Ibi tó dákẹ́ yẹn ni ẹnu ọ̀nà.

Bí kò bá dá yín lójú, ẹ ju èèpo àgbọn kan sínú omi, kí ẹ tẹjú mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Bó bá padà wá sílẹ̀, ó dára díẹ̀. Bó bá rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yin náà á rìn lọ bẹ́ẹ̀. Bó bá kọrí sí agbami, ẹ kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí atẹ́gùn á ti da gbogbo ojú omi rú tó jẹ́ pé funfun ni gbogbo rẹ̀, tí ojú ò sì lè yà ibì kan sọ́tọ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò lè rí ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ wọlé.

Báwo ni kí n ṣe dúró pẹ́ tó kí n tó wọlé, kí ni kí n sì máa wò?

Ó kéré tán, ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ìdí ni pé ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni ìgbì ń wá. Ìgbì kékeré lè máa wá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ìgbì ńlá bíi mẹ́ta sí méje wá tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tó wo òkun fún ìṣẹ́jú méjì péré tó sì wọlé, ìgbà ìsinmi ló rí.

Bí ọ̀wọ́ ńlá bá dé, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín ìgbì kan sí èkejì níbi tó ti ń wó. Bó bá tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà jíjìn ni ìgbì yẹn ti ń bọ̀, omi tó kó sínú sì pọ̀ ju bí gíga rẹ̀ ṣe fi hàn lọ. Omi tó bá kó wá náà ló máa padà, nítorí náà omi afàni á le lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo iyanrìn. Bí iyanrìn tútù bá fẹ̀ gan-an lókè ibi tí ìgbì ń dé báyìí, òkun ń fà nìyẹn, àsìkò yẹn ni omi afàni sì sábà máa ń le sí i. Ẹ wo àwọn tó ti wà nínú omi: láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, báwo ni wọ́n ṣe jìnnà tó sí ibi tí wọ́n ti wọlé? Ní etíkun wa, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni omi sábà máa ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bèbè, bí ẹni ń lọ láti Èkó sí Lẹ́kì. Ẹ mú nǹkan kan tó ga lórí ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì, kí ẹ sì yan ibi tí ẹ máa gbà jáde kí ẹ tó wọlé, ní ìhà tí omi ń lọ.

Ẹ bi àwọn adóòlà etíkun tàbí àwọn apẹja léèrè. Ẹni tó ń ti ọkọ̀ wọ òkun láràárọ̀ mọ ibi tí àlàfo wà lọ́sẹ̀ yìí, nítorí iyanrìn abẹ́ omi ń ṣí kiri. Ibi tó dára ní oṣù tó kọjá lè má dára mọ́. Bí wọ́n bá sì ta àsíá pupa, ẹ má wọlé.

Oòrùn ń ràn, atẹ́gùn ò fẹ́. Kí ló dé tí ìgbì fi tóbi?

Nítorí pé kì í ṣe Èkó ni wọ́n ti ṣe ìgbì yẹn. Ìjì tó jà lápá gúúsù òkun Àtìláńtíìkì ló bí i, ó sì ti rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà fún ọjọ́ mélòó kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbà òtútù wọn lọ́hùn-ún ni ìjì yẹn pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí òkun wa fi sábà máa ń le láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, kódà lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀.

Nígbà ọyẹ́, ìgbì sábà máa ń rọ̀, etíkun á sì kún nítorí ọdún. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ọyẹ́ ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ lọ sí òkun. Ẹ̀bá bèbè á tẹ́ pẹrẹsẹ, ohun tó bá sì léfòó á máa lọ sí agbami wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bọ́ọ̀lù tàbí rọ́bà afẹ́fẹ́ tí atẹ́gùn bá gbé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀mí ti ń lọ nítorí bọ́ọ̀lù.

Omi afàni ti gbé mi. Kí ni kí n ṣe gan-an?

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ẹ léfòó. Ẹ gbé àgbọ̀n sókè, ẹ jẹ́ kí omi bo etí, ẹ máa mí títí àyà yín á fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ na ọwọ́ kan sókè kí wọ́n lè rí yín, kí ẹ sì pariwo. Bí ilẹ̀ bá ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ dúró, ẹ má lúwẹ̀ẹ́, ẹ rìn jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń lo ìṣẹ́jú àáyá 35 láti parí mítà 25 nínú púùlù. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 0.7 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì burú rárá. Omi afàni tó gbé e ń rin mítà 1. Bó bá kọjú sí bèbè tó sì fi gbogbo agbára lúwẹ̀ẹ́, á ṣì máa pàdánù 0.3 mítà ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, á ti fi mítà 36 jìnnà sí i, apá rẹ̀ á sì ti kú. Ká wá ní omi náà fẹ̀ tó mítà 20, tí òun wà láàárín rẹ̀. Bó bá kọjú sí ẹ̀gbẹ́, mítà 10 ló kù fún un láti jáde. Bó bá lọ wọ́ọ́rọ́ ní ìdajì mítà, ìṣẹ́jú àáyá 20 ni. Omi á ti gbé e lọ sí agbami díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ nínú rẹ̀, ó sì ṣẹ́ agbára kù tó fi máa padà.

Níbi tí ìgbì ti ń wó, tó funfun, ni kí ẹ gbà padà, nítorí ìgbì ń ti èèyàn sí bèbè níbẹ̀. Bí ìgbì bá ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ mí sínú, ẹ jẹ́ kó kọjá lórí yín, kí ẹ tún máa lọ.

Mo lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì tún gbé mi padà. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ohun méjì ló lè fà á. Àkọ́kọ́ ni pé omi tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bèbè ló ń ti yín padà sínú ìṣàn náà. Níwọ̀n bí ó ti sábà máa ń lọ sí ìlà-oòrùn lọ́dọ̀ wa, ìlà-oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọjú sí. Bí ẹ bá ti lúwẹ̀ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tí àmì orí ilẹ̀ kò sì yí padà, ẹ dá a dúró, ẹ léfòó, kí ẹ gbìyànjú ìhà kejì. Nígbà mìíràn, ìṣàn náà máa ń yí po, ó sì lè gbé ẹni tó bá fara balẹ̀ léfòó padà sórí òkìtì iyanrìn. Kò dájú pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, ṣùgbọ́n lílefòó kò ná yín ní agbára púpọ̀.

Èkejì ni ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ wọ inú òkun. Omi tó ń lọ sí ìlà-oòrùn á kọlu ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn ògiri náà, kò ní ríbi gbà, á sì yà lọ sí agbami. Níbẹ̀, ìlúwẹ̀ẹ́ sí ìlà-oòrùn á gbé yín lu òkúta. Ẹ jìnnà sí òkúta, ẹ jẹ́ kí omi gbé yín kọjá ibi tí ògiri náà parí sí nínú òkun, kí ẹ tó wá ọ̀nà padà. Nítorí èyí, èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lúwẹ̀ẹ́ nítòsí àwọn ògiri òkúta tó wà ní ìhà Lẹ́kì, bó ti wù kí omi wọn rọ̀ tó.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé agbára mi ti ń tán?

Ara á ti sọ fún yín kí ọkàn yín tó gbà. Ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rì, ọwọ́ á máa gba omi kúkúrúkúkúrú dípò kó nà, ẹ ó sì máa gbé orí sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti rí èémí. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi mì. Àmì tó burú jù ni kí bèbè nìkan wà lójú yín, kí ẹ má lè ro ọ̀nà mìíràn mọ́. Ní kété tí ẹ bá ti gbé omi mì lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ sinmi, ẹ má dúró de èyí tó tún ń bọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn ń ná ìdajì agbára rẹ̀ lọ, ó sì rò pé ìdajì tó kù á gbé e bọ̀. Bí omi tàbí atẹ́gùn bá ti ń tì í lọ, bíbọ̀ á gbà ju lílọ lọ. Ẹ yí padà nígbà tí ẹ bá ti lo ìdámẹ́ta agbára yín. Bí omi bá sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bèbè, ibi tó ti ń bọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ sí, kó lè jẹ́ pé òun ló máa gbé yín bọ̀ nígbà tó bá rẹ̀ yín.

Ooru náà ń múni rẹ̀. Omi wa gbóná, ara ń làágùn nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀. Ẹni tó ti jókòó sínú oòrùn láti àárọ̀, tí ọtí ló mu dípò omi, ti rẹ̀ kó tó fẹsẹ̀ kan òkun. Ẹni tó bá ti mutí kò gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ yẹn.

Bí pajápajá bá mú mi lẹ́sẹ̀ níbi tó jìn ńkọ́?

Pajápajá kì í rì èèyàn, ìpayà tó ń tẹ̀ lé e ló ń ṣe é. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló mú, ẹ di ọmọ ìka ẹsẹ̀ mú, kí ẹ fà á wá sọ́dọ̀ ara yín títí iṣan á fi nà, kí ẹ sì fọwọ́ ra á. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọwọ́ nìkan lúwẹ̀ẹ́ padà, kí ẹsẹ̀ náà sinmi, nítorí ó sábà máa ń mú lẹ́ẹ̀kejì.

Tákúwà Bé àti ọ̀sà ò ní ìgbì. Ṣé ibẹ̀ kò fini lọ́kàn balẹ̀?

Tákúwà Bé wà lẹ́yìn ògiri òkúta ńlá tí wọ́n kọ́ sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó láàárín 1908 sí 1912, ìdí nìyẹn tí omi rẹ̀ fi sábà máa ń rọ̀. Bí ẹni tó ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ inú òkun bá bi mí, ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ dárúkọ. Àmọ́ kí ó má kúrò nínú àpò omi náà. Ìta rẹ̀ ni ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi, gbogbo omi ọ̀sà Èkó ló sì ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde nígbà tí òkun bá ń fà. Lẹ́yìn òjò ńlá, ó máa ń sáré gan-an.

Ọ̀sà ní ewu tirẹ̀. Ó ṣókùnkùn, ẹ ò ní rí ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ ibi rẹ̀ kò sì jìn. Àwọn tó ń wa iyanrìn ti gbẹ́ kòtò sí àwọn ibì kan, nítorí náà ẹni tó ń rìn nínú omi àyà lè tẹ ibi tí kò ní ìsàlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ má fi orí bẹ́ sínú rẹ̀ láé. Ọkọ̀ tó ń sáré kì í rí orí èèyàn lójú omi. Ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ so àpò afẹ́fẹ́ aláwọ̀ títàn mọ́ ìbàdí, kí ọkọ̀ kan sì máa tẹ̀ lé e.

Ìlú Ọba ni mò ń gbé. Ṣé ohun kan náà ni ti ibẹ̀?

Ti omi afàni, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ òtútù ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Omi tí kò tó 15 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì á já èémí gbà mọ́ yín lọ́wọ́ ní kété tí ẹ bá wọ̀ ọ́. Ẹ ó mí sínú gbì láìfẹ́, bí ẹnu bá sì wà lábẹ́ omi nígbà náà, omi ni ẹ ó mí. Ìyẹn á rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì. Nítorí náà ẹ wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ má bẹ́ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣubú sí i, ẹ fẹ̀yìn léfòó títí èémí á fi padà kí ẹ tó gbìyànjú ohunkóhun. Ní etíkun tó ní adóòlà, àárín àsíá aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò ni kí ẹ ti wẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 999, kí ẹ ní àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun lẹ fẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tó ń rì? Ṣebí á pariwo?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní lè pariwo, nítorí èémí tó kù kò tó fún ọ̀rọ̀. Á dúró lóòró nínú omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ta, ẹnu rẹ̀ á máa rì á máa yọ, orí á gbé sẹ́yìn, ọwọ́ méjèèjì á máa tẹ omi sísàlẹ̀ bíi pé ó fẹ́ gun nǹkan. Kò ní lè juwọ́. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 60, ó lè ti rì. Bí ẹnì kan bá dákẹ́ lójijì, ẹ bi í pé, “Ṣé kò sí?” Bí kò bá dáhùn, ó ń rì.

Ṣé kí n bẹ́ sómi kí n gbà á?

Bí ẹ ò bá ní ohun tó ń léfòó lọ́wọ́, ẹ má bẹ́. Mo mọ bí èyí ṣe le tó láti gbọ́ nígbà tó bá jẹ́ ọmọ ẹni tàbí ọ̀rẹ́ ẹni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rì á gun ohunkóhun tó bá súnmọ́ ọn, orí yín ló sì máa gùn. Bẹ́ẹ̀ ni òkú kan ṣe ń di méjì.

Ohun tó dára jù tó sì wà nílé gbogbo wa ni kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó gba lítà 25, tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin. Ó lè gbé àgbàlagbà méjì tó bá kàn dì í mú tí orí nìkan yọ sókè. Ẹ so okùn tó gùn tó mítà 20 mọ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ bu omi díẹ̀ sí i kí atẹ́gùn má baà gbé e nígbà tí ẹ bá jù ú. Ẹ jù ú kọjá orí ẹni náà, kí ẹ wá fà á títí okùn á fi kan án. Bí okùn kò bá tó, ẹ ju kẹ́ẹ̀gì náà nìkan, kí ẹnì kan máa nàka sí ibi tí ẹni náà wà láìgbójú kúrò, kí ẹlòmíì sáré pe adóòlà. Ní Èkó, ẹ pe 112 tàbí 767. Ẹbí tó bá ń lọ sí etíkun tó sì gbé kúlà dání, kó gbé kẹ́ẹ̀gì kan pẹ̀lú okùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

A ti gbé e jáde, kò mí. Kí la máa ṣe?

Ẹ má so ó kọ́ lórí kodò, ẹ má sì tẹ ikùn rẹ̀ kí omi lè jáde. Èébì ni ìyẹn máa fà, á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ ó sì ti fi àkókò ṣòfò. Afẹ́fẹ́ ni kò ní. Ẹ tẹ́ ẹ lẹ́yìn sórí ilẹ̀ tó le, ẹ gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ fún imú rẹ̀ pa, kí ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún títí àyà rẹ̀ á fi máa gbéra. Bí ìfófó bá ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ má dúró nù ún tán.

Bí kò bá tíì mí, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, títí dé ìgbà 30. Kí àyà àgbàlagbà wọlé tó sẹ̀ńtímítà 5 sí 6. Ẹ fẹ́ èémí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tún tẹ 30, kí ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí á fi mí tàbí títí àwọn oníṣègùn á fi dé. Ẹ máa gba ara yín sílẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú méjì, nítorí ọwọ́ tó bá ti rẹ̀ kì í tẹ̀ ẹ́ jìn mọ́.

Ó ti jí, ó ń sọ̀rọ̀, ó ní òun ò fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣé ká fi í sílẹ̀?

Ẹ má fi í sílẹ̀. Omi tó wọ ẹ̀dọ̀fóró lè jẹ́ kí èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti rò pé ó ti parí. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ èémí sí lẹ́nu, ẹni tó dákú, àti ẹni tó ń húkọ́ tàbí tó ń mí sáré lẹ́yìn tó jáde gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Kí ẹ tó gbé e, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà há a lọ́fun, ẹ bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ bò ó, kí ẹnì kan sì máa wo bó ṣe ń mí títí ẹ ó fi débẹ̀.